Ilé Gogoro Tó Kúrò Nípò

Kí n tó máàkì ìdánwò ìṣirò, mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ fúnra mi. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bóyá òótọ́ ni.

Ilé ẹ̀kọ́ wa wà ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ní sáà yẹn, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ló ṣe ìbéèrè ìdánwò, òun náà ló kọ ìdáhùn tí n ó fi máàkì. Ìbéèrè kan níbẹ̀ jẹ́ ti ilé gogoro. A fi ibi méjì hàn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, A àti B, ogójì mítà ló wà láàárín wọn. Láti A, igun tí ojú fi ń gbé sókè dé ṣóńṣó ilé náà jẹ́ dígírì 45. Láti B, ó jẹ́ 30. Báwo ni ilé náà ṣe ga tó? Ọ̀rọ̀ ìbéèrè kò sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilé náà wà, ó kàn ní kí ọmọ wo àwòrán. Nínú àwòrán, ilé náà dúró sáàárín, A ní ọ̀tún, B ní òsì.

Ìṣirò náà kò le. Igun 45 fi hàn pé jíjìn A sí ìdí ilé náà bá gíga rẹ̀ dọ́gba. Igun 30 fi hàn pé jíjìn B jẹ́ gíga náà lọ́nà 1.732. Bí ilé ti wà láàárín, a ó ro méjèèjì pọ̀: gíga lọ́nà 2.732 jẹ́ ogójì. Mo pín in, ó jẹ́ mítà 14.6.

Mo ṣí ìdáhùn ẹ̀gbọ́n. Mítà 54.6 ló wà níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe lásán ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń máàkì lọ, mo rí ọmọ márùn-ún tí wọ́n kọ 54.6, ìlà kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n yọ jíjìn kan kúrò nínú èkejì: 1.732 yọ 1, ó ku 0.732. Ìṣirò tó dára ni, bí A àti B bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ibo ni wọ́n ti rí ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú àwòrán yìí?

Mo pe ọ̀kan nínú wọn, mo fún un ní ìwé òfìfo.

"Ya ìbéèrè ilé gogoro yẹn fún mi."

Ó yà á láìrò ó: B, A, lẹ́yìn náà ilé ní ìpẹ̀kun ọ̀tún. Mo gbé ìwé ìdánwò síwájú rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe wà níbí nìyí?"

Ó wò ó títí. "Rárá, mà."

"Ta ló wá fi ilé sí ìpẹ̀kun fún ọ?"

Ó wolẹ̀. "Sà ni, mà. Níbi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́."

Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn, ilé ẹ̀gbọ́n ní Pópó Yemọja ni wọ́n ti ń ṣe é.

Mi ò tíì fẹ́ gbà á gbọ́. Mo gba Bẹẹrẹ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá wa fi kọ̀ǹpútà tẹ ìbéèrè. Ó wá ìwé tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kọ jáde. Ilé gogoro wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún lóòótọ́.

"Àwòrán yẹn gùn jù, kò gba ojú ìwé," ni obìnrin náà wí. "Mo kàn gbé ilé náà sáàárín. Ṣé ó ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Rárá," ni mo dá a lóhùn. "Ó tún nǹkan ṣe ni."

Mo bá ẹ̀gbọ́n ní yàrá tíṣà. Mo kí i, mo sì bi í bóyá ó ti bá àwọn ọmọ ṣe ìbéèrè náà rí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ilé gogoro mélòó la ò tíì yà fún ọmọ? Wọ́n ṣèèṣì pàdé ni."

"Ogójì mítà náà ṣèèṣì pàdé? Igun méjèèjì náà?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Kí lẹ ń wá gan-an?" Kò pè mí ní àbúrò mọ́, "ẹ" ló ń pè mí báyìí.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá igbákejì ọ̀gá àgbà. Wọ́n fagi lé ìdánwò náà, wọ́n ní kí n ṣe òmíràn, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n má gba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́. Kò jẹ́wọ́, kò sì tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀tẹ̀ ni wọ́n dì mọ́ òun.

Nínú ìdánwò tuntun, mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún yẹn kùnà. Ọmọ tí mo pè yẹn gbà á, ó sì ṣàlàyé ìgbésẹ̀ rẹ̀ yékéyéké. Mo fún un ní máàkì tó tọ́ sí i. Síbẹ̀, kó tó jókòó lọ́jọ́ náà, mo ti ní kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí n wò ó bóyá ó kọ ìdáhùn síbẹ̀, bó sì ṣe wò mí padà, mo mọ̀ pé kò ní gbàgbé.