Àyè Tí Ìyá Waheedat Tọrọ Lọ́wọ́ Onílé

Àwọn kan ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn máa ń sọ pé Misturat, ìyá Waheedat, kò níṣẹ́ lọ́wọ́, pé ńṣe ló ń jókòó sílé tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, bí èmi náà ti ń ṣe é, àfi pé òkè òkun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ wà. Mọ́kànlá ni wọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sílùú òyìnbó, tí àwọn òbí wọn kò fẹ́ kí èdè bọ́ lẹ́nu wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò fi ìbòrí rẹ̀ borí dáadáa, yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yóò sì máa kọ́ wọn bí a ṣe ń kí àgbà. Ògiri kan ló la fúláàtì tèmi àti tirẹ̀ láàárín, mo sì máa ń gbọ́ ọ. Ó ní sùúrù jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbaná jẹ, ó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Nẹ́tíwọ̀kì ló wá ń bá a jà. Bí òjò bá ti ṣú, tàbí tí àwọn ará oko bá ti wọlé tí gbogbo wọn gbé fóònù, àwòrán rẹ̀ á gan pa lójú àwọn ọmọ, pẹ̀lú ẹnu lílà sílẹ̀. Àwọn òbí fẹjọ́ sùn. Iléeṣẹ́ tó gbà á kọ̀wé sí i pé kí oṣù tó parí, kó ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó dúró sán-ún nínú ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á pín àwọn ọmọ náà fún olùkọ́ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nígbà náà.

Ó pe Wàsíù, ẹni tó máa ń ri díìṣì nílùú wa. Wàsíù gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ń yí kiri inú ọgbà bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

Ó ní, "Ìyá Waheedat, díìṣì tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ yìí, ojú ọ̀run ló ń fẹ́. Ewé kò gbọ́dọ̀ bò ó. Iwájú yìí kò ṣe é ṣe, máńgòrò ti gbà á. Ẹ̀gbẹ́ kejì, dóńgóyárò. Igun ẹ̀yìnkùlé yẹn nìkan ni fóònù mi sọ pé ó mọ́."

"Ẹ ò lè gbé e sórí òrùlé?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí Alhaji pa mí ni?"

Òótọ́ ló sọ. Alhaji Mùstàfá, onílé wa tó ń gbé ní Ìlọrin, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ díìṣì. Ayálégbé kan ti lu páànù rẹ̀ nígbà kan rí, òjò sì ba àjà yàrá méjì jẹ́. Láti ìgbà náà ló ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu ihò láìgba àyè. Ó tún pàṣẹ kejì: ẹnu kan ṣoṣo lòun fẹ́ máa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé náà. Ẹnu ọ̀hún ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, Bàbá Beauty, òṣìṣẹ́ káńsù tó wà ní fúláàtì iwájú. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ ń jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn láwọn ọjọ́ Sátidé.

Misturat kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ó sì gbé e wá kí n bá òun wò ó. Kò burú, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mo máa tún ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Èmi Misturat, ìyá Waheedat, tí mo wà ní fúláàtì ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì..."

Mo ní, "A kì í fi 'èmi' ṣíwájú àgbà. Ìkíni ló ń ṣíwájú. Ìsàlẹ̀ ni orúkọ máa ń wà."

"Tíṣà, ṣebí kí ó lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni."

"Á mọ̀ tó bá débẹ̀. Kí sì ni ti iṣẹ́ yín níbẹ̀? Àṣírí ọ̀nà oúnjẹ ẹni, a kì í tú u fún onílé. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí ilé rẹ̀ ni kí ẹ sọ."

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nígbà tí mo fọwọ́ sí i nìyí:

"Alhaji, a kí yín o. Ẹ kú àìrójú, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ jọ̀ọ́, àyè ni mo wá tọrọ. Mo fẹ́ ri òpó kékeré kan sí igun ẹ̀yìnkùlé, kí n gbé díìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀. Kò ní fara kan òrùlé. Wáyà kan yóò gba ara ògiri, a ó fi ìdè kéékèèké dè é mọ́ ọn. Ihò kan ṣoṣo la máa lu lókè fèrèsé, kò ní tóbi ju ìka lọ; a ó jẹ́ kó dagun síta kí òjò má bàa tọ̀ ọ́ wọlé, a ó sì dí etí rẹ̀. Ráúta yóò wà lára ògiri inú pẹ̀lú ìṣó kéékèèké méjì. Mítà tèmi ni yóò máa lo iná. Ọjọ́ tí mo bá ń kó lọ, n ó tú gbogbo rẹ̀, n ó dí ihò, n ó sì kùn ún. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Inú mi dùn sí i. Mo sọ fún un pé kó fi ránṣẹ́ sí Bàbá Beauty, kí ó bá a fi síwájú Alhaji. Òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Alhaji tààrà, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ni mo ní kò bójú mu.

Ọlágòkè gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìyá Waheedat, ẹ ti gbà á tán. Tí n bá fi ọwọ́ mi fún Alhaji, ṣé ó lè kọ̀ ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. "Alhaji ò tíì dá mi lóhùn." Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. "Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é." Ó tún fi ṣẹ̀fẹ̀: "Àbí àwọn òyìnbó yín ò lè dúró? Ọmọ tó fẹ́ gbọ́ Yorùbá, á dúró." A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Misturat ní òun fẹ́ pe Alhaji fúnra òun, mo tún sọ fún un pé ẹni tó rán èèyàn níṣẹ́ kì í sáré kọjá rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí, Wàsíù gbé ọ̀kadà rẹ̀ wọ ọgbà, òpó irin lẹ́yìn rẹ̀, páálí ńlá láàárín ẹsẹ̀. Misturat jáde, ó fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Wàsíù! Alhaji ti gbà? Kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Èmi ò tíì ra díìṣì o!"

Wàsíù wò ó, ó wo páálí. "Bàbá Beauty ló pè mí. Díìṣì tirẹ̀ nìyí. Mo rò pé ẹ ti fi sílẹ̀ ni."

Ọlágòkè jáde síta, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ó ní Beauty, ọmọ òun, fẹ́ ṣí ibì kan sí yàrá iwájú, tí àwọn ọmọléèwé á ti máa wá fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní Alhaji ti fún òun láyè.

Mo bi í pé, "Àyè wo?"

"Tíṣà, kí ló kàn yín? Mo tọrọ, wọ́n fún mi."

Misturat fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó tẹ nọ́ńbà Alhaji, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Ó kí i, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ó ń rí i, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ díìṣì tí òun fi rán Bàbá Beauty.

"Díìṣì?" ni Alhaji wí. "Ọlágòkè kọ̀wé sí mi, mo sì ti dá a lóhùn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé náà wù mí. Ó ní ihò ò ní tóbi ju ìka lọ, á dagun síta kí òjò má bàa tọ̀ ọ́ wọlé. Ẹni tó ronú báyẹn nípa ilé mi, kí ni mo fẹ́ fi dù ú? Mo ní kó ri ẹyọ kan. Ẹyọ kan o! Mi ò fẹ́ kí ọgbà mi dà bí igbó òpó."

Wàsíù gbé òpó sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí mo bá Ìyá Waheedat sọ nìyẹn. Èmi ni mo júwe ihò yẹn fún un."

Mo mọ ìyókù kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Ọlágòkè kò nílò láti tún ọ̀rọ̀ kankan kọ. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ló pa rẹ́, ó fi tirẹ̀ sí i. Kò sí iṣẹ́ Misturat nínú rẹ̀, kò sí fúláàtì rẹ̀, kò sí ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ká ní mo fi "Èmi Misturat, ìyá Waheedat" sílẹ̀ níbi tó fi í sí, kì bá rọrùn fún ọkùnrin yẹn láti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Misturat sọ bó ṣe rí fún Alhaji. "Ohun tó ṣe kò dáa," ni Alhaji wí. "Ṣùgbọ́n mo ti lahùn. Ẹ bá ara yín sọ ọ́." Ó pa fóònù.

Ọlágòkè tún rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ìjà. Màá fa wáyà kan láti ara ráúta mi wá sí ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kàn máa fún Beauty ní nǹkan lóṣooṣù."

"Kí ogún ọmọléèwé máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì kan, kí èmi náà tún wà lórí rẹ̀?" ni Misturat wí. "Bàbá Beauty, mo gbé ọmọ mi fún yín gbé nígbà tí mo ń sin bàbá rẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi níjọ́ náà. Mo rò pé ẹni tó lè gbé ọmọ mi lè gbé ọ̀rọ̀ mi." Ó wọlé.

Mo yíjú sí Ọlágòkè, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé kì í ṣe tirẹ̀." Mo ní ilé kì í ṣe tìẹ náà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá a sọ yàtọ̀ sí ìkíni nìyẹn. Mi ò jókòó sábẹ́ máńgòrò mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Misturat kó ẹrù rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti rí yàrá méjì lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ọgbà rẹ̀ kò ní igi. Wàsíù ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé díìṣì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oṣù ti fi ọjọ́ méjì kọjá kó tó rí i rì. Ọmọ mẹ́fà nínú mọ́kànlá ni iléeṣẹ́ náà fi sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tó ń kó lọ náà, mo bá a gbé kọ̀ǹpútà sínú kẹ̀kẹ́. Mo ní kó má bínú, pé èmi ni mo ní kó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Beauty.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Ire lẹ fẹ́." Ó ń di okùn mọ́ mátíràsì, kò wò mí.

Mo béèrè ibi tí ilé tuntun náà wà, kí n lè máa yà kí Waheedat.

Ó ní, "Ọ̀nà Ṣakí ni."

Mo dúró kí ó sọ ìyókù. Oníkẹ̀kẹ́ ti ṣáná sí i, wọ́n sì lọ. Ọ̀nà Ṣakí gùn.