Ọdún Tí Ìyá Mi Kò Lè Búra Sí

Nígbà tí lẹ́tà ọkọ mi dé pé kí n máa múra bọ̀, ọmọ wa obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Oyún rẹ̀ wà nínú mi nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun, kò sì tíì fojú kàn án rí àfi nínú fọ́tò. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1980 ni. Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, èmi àti ọmọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní agbo ilé bàbá mi ní Kémta. Bàbá mi ti kú. Aró ni ìyá mi ń pa, òun ló sì ń ta àdìrẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjà Ìtòkú.

Ọkọ mi kọ gbogbo ohun tí àwọn ìmigiréṣọ̀n ìlú tó wà máa béèrè sínú lẹ́tà náà: ìwé ìbí mi àti ti ọmọ, ìwé ìgbéyàwó wa, ìwé ẹ̀rí iléèwé mi. Èyíkéyìí tí kò bá sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ni kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì búra pé bó ṣe rí lòun ṣe túmọ̀ rẹ̀. Mo kà á fún ìyá mi létí odù aró. Ó fọwọ́ nu iwájú orí, ó ní, “Ìwé náà kò pọ̀ jù.” Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ti ọmọ ni kò ní wàhálà. Ọsibítù ni mo bí i sí, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó pé oṣù kan. Gbogbo ibi tí mo gbé ìwé yẹn dé ni wọ́n ti ń yìn ín.

Ìwé ìgbéyàwó ni mo kọ́kọ́ mú. A kò ṣègbéyàwó ní kóòtù. Yìgì ni wọ́n so fún wa ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, lẹ́mọ́mù ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá: orúkọ wa, orúkọ àbúrò bàbá mi tó fi mí fọ́kọ, sàdáákì tí wọ́n san lórí mi, àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Lẹ́mọ́mù yẹn ti dolóògbé. Wọ́n júwe àfáà kan fún mi ní Adìgbẹ, àgbàlagbà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Lárúbáwá ní iléèwé gíga, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dá ṣáká.

Àfáà gbé ìwé náà síwájú fèrèsé, wọ́n kà á jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n dé orí ọjọ́, wọ́n dúró. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni lẹ́mọ́mù so yìgì wa. Mo ní Alámìsì. Wọ́n ní ohun tí lẹ́mọ́mù kọ ni òru Jímọ̀, pé bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn, oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní Alámìsì mọ́jú Jímọ̀ náà ni.

Ṣùgbọ́n Alámìsì ni ọkọ mi ti kọ sínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́hùn-ún, tòun ti ọjọ́ oṣù rẹ̀. Mo bẹ Àfáà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kúkú fi Alámìsì sí i ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òótọ́ ni.

Wọ́n wò mí, inú kò bí wọn. Wọ́n ní, “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Kóòtù á ní kí n búra lé e pé ohun tí mo rí ni mo túmọ̀.”

Ohun tí wọ́n lè ṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi àlàyé kékeré síbẹ̀ ní orúkọ ara wọn gẹ́gẹ́ bí olùtumọ̀, pé alẹ́ Alámìsì ni òru Jímọ̀ lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bá mi lọ sí kóòtù, wọ́n búra, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n so fọ́tókọ́pì èyí tí lẹ́mọ́mù kọ mọ́ ìtumọ̀ náà, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé méjèèjì.

Ìwé iléèwé rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àbí mo rò bẹ́ẹ̀. Mo mú ojúlówó rẹ̀ dání pẹ̀lú fọ́tókọ́pì, akọ̀wé kóòtù fi wọ́n wé ara wọn, ó lu òǹtẹ̀ lé fọ́tókọ́pì pé ẹ̀dà tòótọ́ ni. Òun ló tún rí i pé orúkọ àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé yìgì. Iléèwé àwọn míṣọ́nnárì ni mo lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún mi ní orúkọ mìíràn. Mo búra sí ìyẹn náà pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, mo sì gbé e sínú ìwé ìròyìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ó wá ku ìwé ìbí tèmi. Ilé ni wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, òbí tàbí ẹni tó dàgbà tó láti mọ̀ ni yóò lọ búra ní kóòtù pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí ẹni báyìí. Mo mú ìyá mi lọ. Ó wọ ìró àti bùbá tó fi ń lọ kírun ọdún, ó bo orí rẹ̀ dáadáa.

Àwọn tó ń tẹ taípù jókòó sí ìta kóòtù. Ẹni tó tẹ ìwé wa kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá mi. Ó gba ìwé ẹ̀rí iléèwé mi, ó wo ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn, kí àwọn ìwé má baà tako ara wọn.

Nínú ọ́fíìsì, nítorí pé ìyá mi kò mọ̀wé, akọ̀wé ní láti ka ìwé náà fún un ní Yorùbá kó tó tẹ̀ka. Ó kà á sókè. Nígbà tó pe ọdún ìbí mi, tó sì ṣírò ọjọ́ orí mi, ìyá mi mi orí.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ó fi ọdún méjì ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Akọ̀wé náà ṣàlàyé fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé iléèwé nìyẹn, pé àwọn òyìnbó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìyá mi béèrè ẹni tó kọ ti iléèwé. Mo ní tíṣà ni, lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀. Tíṣà ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí láti fi kan etí òsì, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì kọ ọdún tó wù ú. Mo tín-ín-rín nígbà náà.

Kùránì wà lórí tábìlì. Ìyá mi kò fọwọ́ kàn án. Mo rọra tẹ̀ síwájú, mo bẹ ìyá mi pé kó ṣàánú mi, pé ọdún méjì péré ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìyá mi dojú kọ mí, ohùn rẹ̀ kò le.

“Oṣù tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú ni mo bí ọ. Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn, ọmú mi ń kún fún ìwọ. Bí mo bá fi ọdún méjì sún ìbí rẹ síwájú, níbo ni kí n gbé ikú tirẹ̀ sí?”

Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó kú ní kékeré. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ìyá mi kò sọ ọ́ rí, kò sì tún sọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Akọ̀wé fa bébà ọwọ́ rẹ̀ ya, ó ní kí n lọ tẹ òmíràn, kí n sì búra lọ́tọ̀ lórí ìdí tí ọjọ́ iléèwé fi yàtọ̀. Ó ní bí òfin ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ojú tí àwọn òyìnbó máa fi wò ó.

Ìyá mi búra sí òtítọ́. Aró ti ràn mọ́ ìka rẹ̀ débi pé wọ́n ní láti fi kẹrosíìnì nu àtàǹpàkò rẹ̀ kí ìlà rẹ̀ tó lè hàn lórí bébà.

Láti gáréèjì Kútọ̀ ni mo ti wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ́jọ́ tí ẹ́ńbásì pè mí, mo mú ọmọ mi dání, mo to ìwé sínú páálí kí wọ́n má baà ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Kò rí mi fín. Ó to àwọn ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ méjì, ọdún ìbí méjì, ọjọ́ ìgbéyàwó méjì. Mo sọ ti míṣọ́nnárì, mo sọ ti etí, mo sọ ti oòrùn tó wọ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni èmi fúnra mi ń gbọ́ ọ bí irọ́. Ó béèrè bóyá lẹ́mọ́mù lè wá jẹ́rìí. Mo ní ó ti kú. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ mi, ó ní kí a máa lọ, wọn yóò kọ̀wé sí wa.

Wọ́n kọ̀wé lóòótọ́. Wọ́n ní ìwé ọmọ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n kò dá wọn lójú pé obìnrin tó lọ sí iléèwé yẹn ni ìyá mi bí, tàbí pé èmi ni wọ́n so yìgì fún. Nítorí náà, èmi kò lè wọlé, ọmọ náà kò sì lè wọlé láìsí ìyá rẹ̀.

Ọkọ mi pẹjọ́ lọ́hùn-ún. Ó gba àkókò púpọ̀, wọ́n sì tún ní rárá. Ní àárín rẹ̀ ó kọ lẹ́tà kan sí mi, ó béèrè ìdí tí Màmá kò fi kàn tẹ̀ka sí ohun tí wọ́n tẹ̀. Mo jókòó láti fèsì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá kọ ti ẹ̀gbọ́n mi sí i, yóò dà bíi pé mo ń ṣàwáwí. Bí n kò bá kọ ọ́, yóò dà bíi pé ìyá mi kò fẹ́ kí n lọ. Nígbẹ̀yìn mo kọ̀wé pé ara wa yá, pé ọmọ ti wọ kíláàsì tuntun.

Ìyá mi mọ̀. Kò bi mí léèrè, èmi náà kò bínú sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wá ìbínú náà káàkiri ara mi nígbà mìíràn. Ó ń rẹ aṣọ láró, èmi ń bá a sá wọn sórí àpáta lẹ́yìn ilé.

Ọkọ mi padà dé nígbà tó yá, fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àpótí méjì. Ọmọ wa ti wọ iléèwé girama. Ó ti iléèwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá ọkùnrin kan tó ti ń hewú lórí nínú pálọ̀ wa. Mo ní bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí a ṣe kọ́ ọ, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.”