Obìnrin Tó Ń Fi Téèpù Wọn Ẹwà

Aránṣọ ni obìnrin náà, àmọ́ kì í ṣe aṣọ rírán ló jẹ́ kí àwọn ọmọge mọ̀ ọ́n. Téèpù ni. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń wọn àwọn ọmọbìnrin tó ń díje fún adé arẹwà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Onítéèpù. Lọ́dọọdún, ọmọbìnrin ọgbọ̀n á tò sínú gbọ̀ngàn kan nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́ sí wọn lára, wọn á máa gbọ̀n. Òun á wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Á wọn àyà, á wọn ìbàdí, á wọn ìdí, á sì gbóhùn sókè, torí Alága tó ni ìdíje náà ti pàṣẹ pé kí kálukú gbọ́ iye tirẹ̀, kó sì gbọ́ ti ẹlòmíì.

"Àyà, mẹ́rìndínlógójì! Ìbàdí, ọgbọ̀n! Ìdí, méjìlélógójì!"

Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kù á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n wọ̀n á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́.

Ìyá Onítéèpù kò rí aburú kankan nínú ẹ̀. Ó ní nọ́ńbà kì í bú èèyàn, ara ẹni ló ń bú ẹni. Àwọn obìnrin kan máa ń dúró sẹ́nu géètì gbọ̀ngàn náà lọ́dọọdún, wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé ọmọ èèyàn kì í ṣe ẹran títà, pé ìdíje yìí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké láti kórìíra ara wọn. Bí ó bá ti ń kọjá lọ́dọ̀ wọn, á pòṣé. "Ẹ wò wọ́n," á wí fún awakọ̀. "Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀n láéláé ló ń bínú sí téèpù."

Kò lè ṣàì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti ń rán aṣọ ìrọ̀lẹ́ àwọn olùdíje. Alága ti fi í lélẹ̀ pé ẹni tó bá gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn kò ní gun orí ìtàgé. Òrùlé tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù náà, ìbàdí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló kàn án.

Ọmọ kan ń bẹ nílé rẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń tọ́ ọ. Ó ga, ó dúdú, dúdú rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á. Adúmáadán ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó pé ogún ọdún, ó parí ilé ìwé, ó jókòó sílé ó ń wọ̀nà fún owó yunifásítì tí kò wá. Lọ́jọ́ kan ó mú fọ́ọ̀mù wọlé, ó fi lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mọ̀mí, wọ́n ní ẹni tó bá gba adé, ilé iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ á rán an lọ sílé ìwé títí tó fi máa gboyè."

Ìyá Onítéèpù bú sẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti ń wò ẹ́ tipẹ́. Ojú tèmi ti wọ̀n ẹ́ kí téèpù tó dé."

Torí pé ọmọ náà kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún, alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé àdéhùn. Ewé méje ni ìwé náà, lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí èèrà. Obìnrin náà ṣí i dé ewé tó gbẹ̀yìn, ó buwọ́ lù ú.

"Ẹ ò ní kà á ni, Mọ̀mí?"

"Kí ni mo fẹ́ kà? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti mọ Alága."

Ọjọ́ wíwọ̀n pé. Ìyá Onítéèpù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ṣe ojúsàájú, torí náà ohùn tó fi pe ti ọmọ rẹ̀ tiẹ̀ lọ sókè ju ti ìyókù lọ. "Ìbàdí, méjìdínlọ́gbọ̀n!"

Alága, ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, gbórí sókè. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n là ń gbà. Ojú dáa, gíga dáa. Ínṣì méjì gbọ́dọ̀ lọ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé."

Wọ́n kó àwọn olùdíje lọ sí ilé kan tí wọ́n háyà. Obìnrin kan tó ti gba adé rí ló ń kọ́ wọn ní ìrìn. Ó ń kọ́ wọn láti fi pẹ́ńsùlù sáàárín eyín rẹ́rìn-ín, láti fi jẹ́lì pa eyín kí ètè má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, láti há ìdáhùn sórí: bí wọ́n bá bi yín ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún ayé, ẹ ní ọmọ aláìlóbìí ni. Ó sọ fún Adúmáadán ní ìkọ̀kọ̀ pé mọ́tò tí wọ́n fún òun níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n gbà á padà nígbà tí ọdún òun parí. Ó fi kún un pé òdodo kan wà níbẹ̀ ṣá: ẹni tó gba adé lẹ́yìn òun ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí. "Torí pé ẹnì kan là ni gbogbo yín fi ń sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́tẹ́ rí."

Kùkúḿbà àti omi ni oúnjẹ alẹ́ wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Ìyá Onítéèpù á wá tún wọn wọ̀n.

"Mọ̀mí, ojú ń ṣú mi."

"Dákẹ́. Fa ikùn sínú." Ó fa téèpù náà títí tó fi wọ ara ọmọ náà. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ku ọ̀kan. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìdíje, ọmọ náà dákú nílé ìwẹ̀, ètè rẹ̀ ya lára ẹnu ẹ̀rọ omi. Onímeékọ́ọ̀pù fi ẹfun àti ọ̀dà bo ojú ọgbẹ́ náà. Nígbà tí Ìyá Onítéèpù gbọ́, ìbéèrè kan ló bi wọ́n: "Ṣé kò wú?"

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ka máàkì, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nínú ọgọ́rùn-ún, ogójì jẹ́ ti ojú àti ara. Ogún jẹ́ ti ìrìn. Mẹ́wàá péré ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọgbọ̀n tó kù jẹ́ ti ìbò orí fóònù, owó ni wọ́n sì ń fi ra ìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lówó lè dìbò títí ọwọ́ á fi ro ó. Alága àti ilé iṣẹ́ fóònù ló ń pín owó náà. Ìyá Onítéèpù mọ èyí. Ó rò pé ẹwà ọmọ òun á borí ẹ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ ìdíje, adájọ́ kan bi Adúmáadán pé kí ni ẹwà. Ọmọ náà gbàgbé ìdáhùn tó há sórí, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ẹ̀. Ó ní: "Ohun tí ẹnì kan wò lára mi tó fi ní kí n má jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Èmi fúnra mi ò tíì rí i."

Gbọ̀ngàn hó gèè. Wọ́n fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àmọ́ ọmọ kọngílá kan wà níbẹ̀, ó pupa fòò, bàbá rẹ̀ ti ra ìbò ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Òun ni wọ́n dé ládé. Adúmáadán ṣe ipò kejì, wọ́n fún un ní òdòdó àti báàgì kan tí ìpara kún inú ẹ̀. Ẹni ìkejì kì í rí ilé ìwé lọ.

Ilé iṣẹ́ ìpara ló ṣe onígbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ya àwọn méjèèjì ní fọ́tò. Wọ́n kun ojú ẹni tó gba adé, wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Adúmáadán fọ ojú rẹ̀ mọ́, kó má rẹ́rìn-ín, kó gbójú sílẹ̀ díẹ̀. Kò yé e, ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù tòun ti páálí ìpara lọ́wọ́. "Ìyá Onítéèpù, ẹ bá mi wò ó, ṣé kì í ṣe ọmọ yín rèé?"

Òun ni. Apá òsì páálí ni ojú rẹ̀ wà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: KÍ O TÓ LÒ Ó. Ọmọ kọngílá wà lápá ọ̀tún: LẸ́YÌN ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ. Kí oṣù náà tó parí, àwòrán yìí ti wà ní gbogbo ibùdókọ̀. Àwọn ọmọdé ń tọ Adúmáadán lẹ́yìn: "Kí-o-tó-lò-ó! Kí-o-tó-lò-ó!" Ọmọ náà kò jáde mọ́.

Ìyá Onítéèpù gbaná jẹ, ó lọ bá Alága. Ọkùnrin náà ní kó jókòó, ó fún un lómi, ó sì ṣí ìwé àdéhùn sí ewé karùn-ún. Ọdún márùn-ún. Onígbọ̀wọ́ lè lo àwòrán olùdíje yòówù, lọ́nà yòówù tó bá wù ú.

"Ta ló buwọ́ lù ú, ìyá?"

Ó ṣí i dé ewé tó gbẹ̀yìn, ó fi ìka tẹ ibi tí obìnrin náà buwọ́ lù.

"Mi ò fẹ́ ká jà. Ilé iṣẹ́ ìpara náà ń wá ẹni tó máa rán aṣọ fún àwọn ọmọbìnrin tó ń bá wọn polówó ìpara káàkiri. Igba aṣọ. Mo ti dárúkọ yín. Ẹ kàn bá wa fi ọmọ náà lọ́kàn balẹ̀ ni."

Ìyá Onítéèpù gbé ife omi náà sílẹ̀. Ó ní, "Aṣọ àwọ̀ wo ni?"

Kò sọ ọ́ nílé. Ṣùgbọ́n igba aṣọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Adúmáadán jáde láti inú yàrá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n ń lẹ orúkọ ìpara náà mọ́ àyà aṣọ, ọ̀kan lé òmíràn dé ojú fèrèsé.

"Mọ̀mí, kí lèyí?"

"Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ yìí náà ló ń bọ́ ẹ. Ọmọ mi, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ojú ẹ ò sì jẹrà níbẹ̀."

"Ẹ wọ̀n mí ní àyà, ẹ wọ̀n mí ní ìdí," ọmọ náà wí wẹ́rẹ́, "iye wo wá ni gbogbo ẹ̀ jẹ́?"

Àwọn ọmọṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Ìyá Onítéèpù wò yíká, ó rí i pé wọ́n ń wo òun. Ìtìjú di ìbínú lọ́wọ́ rẹ̀. "Ká ní o pupa díẹ̀ ni," ó wí, "wọn ì bá ti fi ẹ́ sápá ọ̀tún."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ ló mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè tí òun ò lè san. Ẹyin lohùn. Adúmáadán di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

Oṣù mẹ́jọ ni obìnrin náà fi wá a. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní òun rí i ní ilé oògùn kan lódìkejì ìlú, pé ó ń tajà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn án, kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ojú ọmọ náà ti pọ́n, ó pọ́n bí ibi tí omi gbóná jó. Abẹ́ ojú rẹ̀ sì dúdú bátabàta. Oríkèé ìka rẹ̀ nìkan ló ṣì jẹ́ ti Adúmáadán.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ fẹ́ rà?" Ohùn tó fi kí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà ló fi kí i.

"Ọmọ mi. Kí lo fi ṣe ojú ẹ báyìí?"

"Mà, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín."

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn. Lóòótọ́, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń wo aago. Ó ní kó fún òun ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Ọmọ náà mú un wá, ó gba owó, ó ka ṣéńjì sórí káúńtà láìfọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀.

"Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́," ó wí. "Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, mà."

Lẹ́yìn náà ó na ọrùn, ó pe ẹni tó kàn.