Ẹsẹ̀ Rọ́bà àti Ìdánwò Gbòǹgbò Itan

Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni mo ra ẹsẹ̀ rọ́bà tí mo ń fi sòkòtò òkìrìkà hàn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó tà á fún mi búra pé Dubai ló ti wá. Mo ní kò burú, ẹsẹ̀ tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ á mọ ọ̀nà ọjà.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì ti kùnà ànátọ́mì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara. Wọ́n fún un láàyè láti tún ìdánwò náà ṣe. Bàbá rẹ̀ ní bó bá tún kùnà, kò sí owó ọdún mìíràn, kó wá máa bá mi ta sòkòtò. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Oníbàárà á san ìdajì owó fún ọmọ yìí, ọmọ náà á sì ní, “Ẹ ṣeun, sà.”

Nítorí náà, èmi náà fẹ́ kó yege.

Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Jikwoyi, a sì jọ ń lọ sí ọjà. Àgbà kan nílé-ìwé wọn, ọmọ Kàbbà tó ti yege lọ́dún tó kọjá, máa ń wá kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní torí ẹ̀kọ́ ni. Ìrẹsì mi náà mọ ìdí tó fi ń wá.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà múra pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti jáde níbi tí wọ́n ti ń fi ẹnu bi í léèrè, àwọn tó kù á rọ̀gbà yí i ká lẹ́nu ọ̀nà: kí ni wọ́n bi ọ́? Ohun tó bá sọ, wọ́n á gbà á mọ́ orí, wọ́n á sì fi lé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ọmọ wa ti kó gbogbo rẹ̀ jọ: abíyá, ọmú, ọrùn, gbòǹgbò itan. Ó ní gbòǹgbò itan, ìyẹn òkè itan níwájú, kì í wọ́n nínú ìdánwò wọn.

Ọmọ Kàbbà bọ́ sòkòtò lára ẹsẹ̀ rọ́bà mi, ó fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ya igun mẹ́ta sí itan rẹ̀. Ó ní kó dárúkọ ààlà rẹ̀. Ọmọ wa dárúkọ wọn bí ẹni ń ka ewì. Ọmọ Kàbbà ní kí ló wà nínú rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ìta wá sí inú? Ọmọ wa ní nàáfù tó ń jẹ́ kí ara mọ nǹkan, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà, lẹ́yìn náà àlàfo. Oníbàárà kan dúró, ó ní, “Kai, ẹ̀yin tún ń ta ẹsẹ̀ ni?” Mo ní kó bi dókítà.

Ọmọ Kàbbà wá bi í pé, “Èwo nínú wọn ló wà nínú àkọ̀?”

Àkọ̀ ni awọ tó wé àwọn iṣan náà pọ̀. Ọmọ wa ní gbogbo wọn.

“Ta ló ní kó o mú nàáfù wọlé? Ìta ló wà. Ohun tó gbé ọ ṣubú nìyẹn.”

Ọmọ wa ní ìbéèrè náà gan-an ni wọ́n bi òun nígbà tí òun kùnà, òun sì rò pé òun gbà á.

Ọmọ Kàbbà ní, “Orúkọ ibẹ̀ lẹ ń há sórí, Àbúrò. Bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ há. Ẹnì kan á bi ọ́ ní ààlà, ẹlòmíì á bi ọ́ ní àkọ̀. Ibì kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀.”

Mo ní òkìrìkà náà nìyẹn. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbójú lé orúkọ mọ́. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wa bá dárúkọ, ó gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti gbà béèrè rẹ̀ rí, kó sì ronú ọ̀nà tí wọn ò tíì gbà béèrè. Wọ́n fi nàílọ́nù wé okùn méjì lára itan rọ́bà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, wọ́n wá fi òwú funfun kan, ìyẹn nàáfù, sí ìta nàílọ́nù náà. Sòkòtò mi wà nílẹ̀.

Ó lọ ṣe ìdánwò. Nínú ìwé, wọ́n béèrè abíyá, ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n béèrè àtẹ́lẹsẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé wọ́n béèrè rí. Ó ní òun kọ ohun tí òun rí kọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹnu bi wọ́n, bàbá kan ní kó dárúkọ ohun tó wà ní gbòǹgbò itan láti ìta wá sí inú. Ó dárúkọ wọn. Bàbá náà ní, “Èwo ni kò sí nínú àkọ̀?” Ó ní nàáfù. Bàbá náà tún ní kí ni àlàfo yẹn wà fún? Ọmọ wa ní kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà lè rí àyè wú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá náà kàn mi orí, ó ní kó máa lọ.

Ó ké sí mi lórí fóònù nígbà tí èsì jáde. Mo ní ṣé kí n ra àga kejì fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ó ní rárá, Àǹtí. Àádọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Ó gba mẹ́tàléláàádọ́ta.