Ìkéde Tí Ọláṣẹ́gun Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ fo etí yín. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ nípa ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn Bàbá Ṣítù ní Yábà lọ́dún 1935, ẹ kò tíì mọ ohun tí owú lè fi ọmọ ènìyàn ṣe.

Ọláṣẹ́gun aránṣọ ló ni ìtàn náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Yábà ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àjọ àdúgbò náà. Ṣílè márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà tàbí tó fẹ́ sanwó ilé, wọ́n á yá a nínú owó náà. Ẹni tó bá pẹ́, á san ìtanràn sísì kan, ìyẹn ìdajì ṣílè. Ọláṣẹ́gun nìkan ló mọ̀wé nínú wọn. Bó bá ṣí ìwé ẹgbẹ́, gbogbo ilé á dákẹ́. Bó bá fi pẹ́ńsùlù ha orí, wọ́n á dúró dè é. Kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni owó oṣù rẹ̀.

Àfi bí Yẹ̀kínnì ṣe dé. Akọ̀wé kékeré ni Yẹ̀kínnì ní iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ó ń gun kẹ̀kẹ́ tó ní aago. Kò pẹ́ tó wọ ẹgbẹ́ ni Bàbá Ṣítù, gbẹ́nàgbẹ́nà tó jẹ́ alága, ní kó bá òun kọ lẹ́tà sí ọmọ òun ní Ìlọrin. Háà, ìwé náà dára! Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn tí kò mọ̀wé pàápàá ní ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn. Lateefat oníyọ̀ wá ṣe àwàdà pé irú ọwọ́ báyìí ló yẹ kó máa kọ ìwé ẹgbẹ́.

Ọláṣẹ́gun bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ nínú àdúgbò, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ra gègé tuntun, ó sì ń kọ A títí di Z lórí ìwé tó fi ń wọn aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà.

Ibi tó ti ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ló ti rí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá: oṣù mẹ́rin gbáko ni Yẹ̀kínnì fi ń mú owó wá lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. Ó kọ ìkéde lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn alága:

“Àwọn tí kò san owó àjọ nìyí: Yẹ̀kínnì, oṣù mẹ́rin. Àmúdàtù, oṣù mẹ́ta. Sísì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìtanràn títí wọn yóò fi san án. Ẹni tí kò bá san kí Àìkú tó ń bọ̀ tó kọjá, a ó yọ orúkọ rẹ̀.”

Nígbà tó máa fi dé ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ènìyàn ti yí ilẹ̀kùn ká. Bàbá Ṣítù kò mọ̀wé, ó sì ti ní kí Yẹ̀kínnì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè. Yẹ̀kínnì kà á. Ó ka orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ àlejò, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sì fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wo wàhálà! Dípò kí wọ́n máa fi ṣe ẹlẹ́yà, ṣe ni wọ́n ń mi orí fún bó ṣe ń kàwé. Owú ti Ọláṣẹ́gun wọ àárín wọn.

Bàbá bi Yẹ̀kínnì bóyá lóòótọ́ ni kò san.

“Mo san, Bàbá. Oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ìwé. Ọjọ́ tí oṣù bá parí ni rélùwéè ń sanwó fún wa. Àfi kí n jalè kí ẹ tó lè rí i lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.”

“Kí ló dé tí o kò fi nínú ti oṣù tó kọjá pamọ́?” Ọláṣẹ́gun ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi ìyàwó mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ti Àmúdàtù. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Àmúdàtù, tó ń ta ẹja yíyan ní Ìwáyà, bí ìbejì, ara rẹ̀ kò sì tíì le, ó sì ti ránṣẹ́. Yẹ̀kínnì bá wọn ṣírò rẹ̀: oṣù àkọ́kọ́ tí kò san ti di ọ̀sẹ̀ méjìlá. Sísì méjìlá jẹ́ ṣílè mẹ́fà, lórí àjọ ṣílè márùn-ún.

“Ìtanràn ju owó lọ,” ni Bàbá wí. “Sísì kan péré la fi ẹnu kò sí. Ọláṣẹ́gun, ta ló ṣe òfin ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí?”

Ọláṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ẹgbẹ́ síwá sẹ́yìn. Bàbá wá pàṣẹ pé kí Ọláṣẹ́gun àti Yẹ̀kínnì tún ìkéde náà kọ, kálukú tirẹ̀. Èyí tí kò bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ni wọn yóò lẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ni yóò sì máa di ìwé ẹgbẹ́ mú.

Ìwé mẹ́ta ni Ọláṣẹ́gun fà ya lọ́sẹ̀ náà, nítorí gbogbo wọn ló ń já sí ọ̀rọ̀ Yẹ̀kínnì. Ó tún ṣí ìwé ẹgbẹ́ láti wá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn sí i lọ́rùn. Oṣù kẹsàn-án ló ti bá orúkọ ara rẹ̀. Oníbàárà kan kò tètè wá gba aṣọ, nítorí náà ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ san tirẹ̀. Kò sí ìtanràn níwájú rẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí.

Ó fi han Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò oníbàárà.

“Ta ni ìbá bu ìtanràn fún ọ?” ni Làbákẹ́ wí. “Ìwọ lo di gègé mú.”

 Ọláṣẹ́gun fa ìwé kẹrin sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ní Àìkú kejì, ti Yẹ̀kínnì ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Ó dára lójú. Ó ní kí ọjọ́ owó di ọjọ́ kẹta oṣù tuntun, kí owó rélùwéè lè bá a. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa aláìsàn, orúkọ Àmúdàtù sì ṣì wà láàárín àwọn tó jẹ owó. Ọláṣẹ́gun dìde, ó ka tirẹ̀:

“Ará ẹgbẹ́, pípẹ́ yàtọ̀ sí àìsan. Ẹni tó bá pẹ́, sísì kan péré lórí oṣù náà, kò ní lé sí i. Ẹni tí kò bá rí owó san rárá, kó wá bá alága, a ó jẹ́ kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bímọ, tó ń ṣàìsàn tàbí tó ń ṣọ̀fọ̀, tó sì ránṣẹ́ sí wa, yóò san àjọ rẹ̀ bó bá gbádùn, ṣùgbọ́n kò ní san ìtanràn. Bí ìwé bá ṣì ọ́ kọ, wá sọ ọ́ kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. A kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ilẹ̀kùn mọ́, àfi tèmi: èmi akọ̀wé pẹ́ lóṣù kẹsàn-án.”

Ó yọ sísì kan, ó gbé e sórí tábìlì. Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àtijọ́ gan-an ni, ẹ̀yin ènìyàn mi!

Wọ́n fi ọjọ́ kẹta Yẹ̀kínnì kún un, wọ́n sì ní kí Ọláṣẹ́gun di ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i:

“Ọ̀rọ̀ Ọláṣẹ́gun la mú. Ọwọ́ Yẹ̀kínnì ni kó kọ ọ́, kó lè wu ènìyàn í wò.”

Yẹ̀kínnì fa àga súnmọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pè é fún mi.”

Kí ni yóò ṣe? Ó ń pè é, ojú rẹ̀ wà lára gègé yẹn bí ojú ológbò lára ẹja. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí Yẹ̀kínnì má sáré, bẹ́ẹ̀ Yẹ̀kínnì kò sáré.

Ìkéde náà ṣì wà níbẹ̀. Bí Ọláṣẹ́gun bá ń kọjá, tó bá ẹnì kan tó ń yin ọwọ́ tó kọ ọ́, á ní, “Ẹ kà á ná.” Ẹ kò gbà mí gbọ́? Ẹ lọ sí Yábà, ẹ béèrè ilé Bàbá Ṣítù gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí aránṣọ kan dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì tó ń wò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí ẹ tó yin ìwé kíkọ.