Kòkó tí Àrìnkẹ́ Gbé Pamọ́

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ti Àrìnkẹ́ ti kọjá oògùn, ó ti di oúnjẹ. Bí o bá bu omi fún un, á kọ́kọ́ yẹ ìsàlẹ̀ ife wò. Bí ọlọ́kadà bá ní epo ti tán, á ní kó ṣí táǹkì. Ilé kan náà la jọ ń gbé n'Ídànrè, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú inú bí mi.

Opó ni, Dára nìkan ló bí. Ó ti pẹ́ tó ti ń ru kòkó olóko lórí, ọrùn ti ń dùn ún. Ìgbà tó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ṣokoléètì l'Ówẹnà máa gba ẹni tó bá yege ìdánwò kòkó ṣíṣe, pé iṣẹ́ títọ́ kòkó wò ni wọ́n máa fún un, ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tó ṣáájú ìdánwò náà. Ìdánwò náà ò ṣòro láti sọ: kí kálukú bo kòkó tirẹ̀ kó lè kan, kó sá a, kó yan án lójú olùdánwò, kó sì sọ ohun tó mú kó dùn tàbí kó má dùn.

Bíbò ò ni ín lára rárá. Ó kó kòkó tútù sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó ń yí i kí gbogbo rẹ̀ lè gbóná dọ́gba. Omi ara rẹ̀ ṣàn dànù, òórùn ọtí dé, òórùn kíkan tẹ̀lé e. Nígbà tó la wóró kan, àwọ̀ àlùkò tó máa ń bá ìkorò rìn ti ń lọ, búráùn ti ń wọlé.

Sísá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Orí pẹpẹ kan náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń sá kòkó sí níbi ẹ̀kọ́ wọn, ẹní Ọ̀ṣúndé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Apá Ọ̀yọ́ ni Ọ̀ṣúndé ti wá, oko olóko ló ń dá lórí ìpín. Lọ́jọ́ kan, Àrìnkẹ́ bá a tó mú wóró kan lórí ẹní rẹ̀, tó ń gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mo kàn ń wò ó bóyá ó ti ń gbẹ ni, Ìyá Dára. Ẹ má bínú."

Lọ́jọ́ náà gan-an ló kó kòkó rẹ̀ wálé. Bí oòrùn bá ràn, á sá a lẹ́yìnkùlé. Bí òjò bá ṣú, àjà ilé ìdáná ló ń gbé e sí, lókè iná, níbi tí àwọn ìyá wa ń fi àgbàdo sí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Mo bi í pé ṣé olùkọ́ wọn ò sọ nǹkan kan nípa èéfín fún wọn ni. Ó wò mí bí ẹni pé Ọ̀ṣúndé ló rán mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó ní kí n bá òun lọ kí n máa ṣọ́ báàgì. Ó yan kòkó náà dáadáa, iná ò pọ̀ jù, èèpo rẹ̀ ń sán. Ó bó o, ó lọ̀ ọ́. Ọ̀gá Ògúndípẹ̀, olùdánwò, fi ṣíbí tọ́ ọ wò, ó sì fajú ro.

"Bí ẹran yíyan ni èyí ṣe rí lẹ́nu mi."

"Wọ́n ti pààrọ̀ kòkó mi!" Àrìnkẹ́ ti fò dìde. "Ọ̀ṣúndé ni, sà! Ẹ tú báàgì rẹ̀!"

Wọ́n tú u sórí tábìlì lójú gbogbo èèyàn: aṣọ iṣẹ́, Bíbélì, búrẹ́dì àjẹkù. Ọ̀gá ní bó bá jẹ́ òótọ́, Ọ̀ṣúndé máa kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà lónìí. Inú mi bàjẹ́.

Ọ̀gá wá la wóró mélòó kan lára èyí tí wọn ò tíì yan. "Bíbò rẹ̀ dáa. Yíyan yín náà dáa. Ìbéèrè yín rèé, Ìyáàfin: níbo ni ìtọ́wò ẹran yìí gbà wọlé?"

Àrìnkẹ́ gbé wóró kan sí imú. Ó gbé etí ìborùn tó máa ń dà bora nílé ìdáná sí imú. Ó tún gbóòórùn wóró náà. Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ nípa àjà. Ó wò mí, mo wolẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní sọ ọ́.

"Èmi ni, sà," ló wí. "Orí iná ìdáná mi ni mo gbé e sí. Bí kòkó bá ń gbẹ nínú èéfín, ó máa ń fà á mu, yíyan ò sì lè lé e jáde. Ọ̀ṣúndé ò fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá fún un ní gbogbo máàkì ìdáhùn, kò fún un ní ẹyọ kan fún kòkó. Ó ní kò yege, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀ṣúndé ti ń kó ẹrù rẹ̀ jọ. Àrìnkẹ́ lọ bá a, ó na ọwọ́ sí Bíbélì láti bá a kó o. Ọ̀ṣúndé fa báàgì náà sẹ́yìn.

"Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Dára," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Mi ò fẹ́ kí nǹkan mi sọnù."