Ìgò Òróró Ẹ̀gúsí Sàdíátù

Bí ẹ bá bi mí pé ta ni ó mọ róbó dín jù ní Ṣàgámù nígbà ayé wa, n kò ní ronú kí n tó dáhùn: Sàdíátù ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé rẹ̀ àti tèmi. Òun àti àbúrò rẹ̀, Mọ́rọ́nfọ́lá, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀kan á lọ ẹ̀gúsí, èkejì á máa ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, á máa pò ó títí òróró yóò fi jáde. Bí wọn kò bá ṣẹ̀fẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ń jà nìyẹn.

Nígbà tí ọdún 1954 ń parí lọ, Mọ́rọ́nfọ́lá fẹ́ Yúnúsà, oníṣòwò obì, ó sì ń bá a lọ sí Kánò. Nígbà tí ìrìn-àjò ku ọ̀la, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fún òróró ìgò méjì. Wọ́n gbé e kaná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n jẹ́ kí ó tutù, wọ́n sẹ́ ẹ. Olúkúlùkù mú ìgò kan. Àdéhùn wọn ni pé bí Mọ́rọ́nfọ́lá bá wálé ọdún Iléyá, òróró yẹn ni wọn yóò fi dín róbó.

Ọkọ Sàdíátù ti kú, kò sì bímọ. Àbúrò yìí nìkan ló ní.

Kì í ṣe pé kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú òróró. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn, tó sì tutù. Ẹ dí i dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń mú un tètè bàjẹ́, atẹ́gùn ló sì burú jù fún un.” Ṣùgbọ́n ti ara rẹ̀ ńkọ́? Ìgò funfun gbòò ló rọ ọ́ sí, ojú fèrèsé ilé ìdáná, lókè ààrò, ló gbé e kà, kí ó lè máa rí i. Oòrùn àárọ̀ á máa tàn án, ooru iná á máa fẹ́ sí i. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á ṣí i, á gbóòórùn rẹ̀, á ro díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi para.

Mo ní, “Sàdíátù, o ń ba òróró yẹn jẹ́ o.”

Ó ní kí n gbọ́ ti ara mi. Mo sì gbọ́ ti ara mi. Kò sẹ́ni tí í sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí òróró inú ìgò fà, tí atẹ́gùn ti gba ọrùn rẹ̀, ó fún òróró tuntun, ó bù ú kún un. Ó rò pé òun gbọ́n. Èyí tó ti ń bàjẹ́ nísàlẹ̀ ló ran tuntun.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, Mọ́rọ́nfọ́lá dé. Inú Sàdíátù dùn débi pé ó gbàgbé láti fún un lómi mu. Ìgò ló sáré lọ gbé. Ó ṣí i. Òórùn bí ọ̀dà ilẹ̀kùn ló jáde. Ó tọ́ ọ wò, ó ta á lọ́fun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. “Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń ṣọ́ ọ!”

Mọ́rọ́nfọ́lá tú àpótí rẹ̀, ó mú ìgò tirẹ̀ jáde nínú aṣọ dúdú. Ó kún dé ọrùn, ó sì fi ìda dí i lẹ́nu. Ó ní òun wa ilẹ̀ sin ín sí ìdí àmù, ibi tó tutù jù nínú ilé, nítorí ooru Kánò. Ó ṣí i. Òórùn rẹ̀ ti rọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́.

Ẹ ò ní gbà pé ìbínú ni Sàdíátù fi gbà á.

“Oṣù mẹ́jọ, o kò ṣí i lẹ́ẹ̀kan? Àárò mi ò tiẹ̀ sọ ẹ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni mo fẹ́ ṣí i. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbóòórùn ẹ̀, rélùwéè tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ wálé ni n ó wọ̀. Ìdí tí mo fi sin ín nìyẹn.”

Òróró ìgò Mọ́rọ́nfọ́lá ni wọ́n fi dín róbó lọ́jọ́ ọdún, mo jẹ nínú rẹ̀, mo tún bèèrè sí i. Nígbà tí Mọ́rọ́nfọ́lá fẹ́ padà, ó ní kí àwọn tún fún ìgò méjì mìíràn.

Sàdíátù kọ̀. “Ẹ̀gúsí ni n ó máa tọ́jú, n ò ní lọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí o bá wọlé la ó jọ fún un.”

Mọ́rọ́nfọ́lá ní, “Tó bá wá pẹ́ kí n tó dé ńkọ́?”

“Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́,” ni Sàdíátù wí.